Nínú ìdánwò tí kò ní ìsinmi, níbo lèèyàn ti ń mí?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Mo ti ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì IELTS lórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan. Ìbéèrè mẹ́ta ló fò mí dá níbi ìfetísílẹ̀, àyà mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í já, kò sì balẹ̀ mọ́ títí a fi parí. A dé ibi ìwé kíkà, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Kí n tó lọ kí n tó bọ̀, aago ti lọ, n kò sì ka àyọkà kẹta dé ìdajì. Ṣé kò sí ìsinmi kankan láàárín ni? Tí kò bá sí, báwo lèèyàn ṣe ń rójú mí?"

Kò sí. Ìfetísílẹ̀ máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 30, ìwé kíkà gba 60, ìwé kíkọ gba 60, ọ̀kan á sì máa tẹ̀ lé èkejì láìsí ìsinmi láàárín. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ló dá dúró ní tirẹ̀, ó lè bọ́ sí ọjọ́ kan náà, ó sì lè bọ́ sí ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìsinmi yìí ti máa ń wá. Ẹni tó ṣe TOEFL iBT, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ṣáájú oṣù Keje ọdún 2023 mọ̀ pé ìsinmi ìṣẹ́jú 10 wà láàárín rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n gé ìdánwò ọ̀hún kúrú sí nǹkan bíi wákàtí méjì, ìsinmi náà bá a lọ. Ẹni tó ṣe IELTS orí bébà á sì sọ fún yín pé wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn ìfetísílẹ̀ láti da ìdáhùn rẹ̀ kọ. Lórí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú 2 péré ni, iṣẹ́ yíyẹ̀wò ló sì wà fún. Wọn ò parọ́ fún yín o, ìdánwò tiwọn ni wọ́n ń sọ. Kí ẹ tó gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ọdún tó ṣe tirẹ̀, kí ẹ sì bi í bóyá bébà ni tàbí kọ̀ǹpútà.

Ohun tí mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé kí wọ́n mọ ẹni tó ni aago. Níbi ìfetísílẹ̀, ohùn tó ń jáde ló ni ín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa sọ̀rọ̀, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni tí ikọ́ ń gbé tàbí ẹni tó lọ tọ̀. Níbi ìwé kíkà àti ìwé kíkọ, ẹ̀yin lẹ ni ín. Kò sẹ́ni tó máa lé yín kúrò lórí àyọkà kan bọ́ sórí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó máa bi yín ìdí tí ẹ fi wo ògiri fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ìsinmi wà nínú ìdánwò yìí, àmọ́ rírà lẹ máa rà á, ìṣẹ́jú tiyín sì ni owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá pinnu ibi tó ti máa rà á kó tó wọlé, ara rẹ̀ á fipá gbà á, ibi tó wọ́n jù lara sì máa ń lọ gbà á. Àyọkà kẹta tó wọ́n yẹn gan-an lara yín lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè mẹ́ta yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó dá mi lójú tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá pé kì í ṣe mẹ́ta ló bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ló bọ́. Ẹ dúró tì í, ẹ ń wá ohun tí ọkùnrin yẹn sọ nínú ọpọlọ yín, òun sì ti ń sọ ti ìbéèrè kejì. Nígbà tí ẹ máa gbójú sókè, ó ti dé ẹ̀kẹrin. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, mo ti jókòó ti àwọn tó ń ṣe àṣedánwò, mo sì ti fi ojú ara mi rí i: ọwọ́ á dúró lórí máòsì, ojú á wà lórí àlàfo kan ṣoṣo, ètè á máa mì díẹ̀díẹ̀ bíi ti ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún ara rẹ̀. Tí ẹ bá ti rí i pé ẹ ti ka ìlà ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì tí ohùn sì ń lọ, ẹ ti pàdánù ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbé ojú yín kúrò lórí rẹ̀, ẹ gbé e sórí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e àti èyí tó tún wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ mú ọ̀rọ̀ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tí etí yín á máa ṣọ́: orúkọ ibì kan, ọjọ́ kan, iye owó. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ ti mọ ibi tí ẹ wà. Èyí tó bọ́ yẹn, ẹ fi ìméfò sí i nígbà yíyẹ̀wò, nítorí wọn kì í yọ máàkì fún àṣìṣe.

Ohun tó sì máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn lè fi í sílẹ̀ ni kí wọ́n mọ iye tó tó. Ìbéèrè 40 ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gba nǹkan bí 30 máa ń wà ní báǹdì 7, ìyẹn ìpele èsì rẹ̀, ẹni tó gba nǹkan bí 23 á wà ní báǹdì 6. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń wá 7 lè pàdánù bíi mẹ́wàá kó ṣì dé ibi tó ń lọ. Mẹ́ta tiyín yẹn kò ba nǹkan kan jẹ́. Àyà jíjá tó tẹ̀ lé e, tí ẹ gbé wọnú ìwé kíkà, ló bà á jẹ́.

Ẹ̀rù máa ń mú kí ọkàn sáré, kí èémí sì máa wọlé ní kúkurú lókè àyà. Ohun tó ń dá ọkàn padà kíákíá ni èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ, torí pé bí èémí bá ń jáde, ọkàn a máa dẹ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ fa èémí sínú níwọ̀n kíka ení dé ẹẹ́rin, kí ẹ tú u jáde níwọ̀n kíka ení dé ẹẹ́fà, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdajì ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe òdì kejì rẹ̀: ẹnìkan ti sọ fún wọn pé kí wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n á wá máa fa èémí ńláńlá ní ìyára-ìyára, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó ṣẹ́kù sára á tán, ojú á máa ṣú wọn, ìka ọwọ́ á máa ta wọ́n wìnrìnwìnrìn, ìyẹn á sì tún dẹ́rù bà wọ́n sí i. Tí ìka yín bá ń ta, ẹ ti ń mí jù, ẹ dín in kù. Níbi ìfetísílẹ̀, ẹ ò ní ìdajì ìṣẹ́jú láti ná, ẹyọ èémí kan lẹ lè rà, àyè rẹ̀ sì ni ìgbà tí apá kan parí tí ohùn ń kéde èyí tó kàn. Apá mẹ́rin ló wà, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta ni àyè yẹn máa yọ. Ẹ tú èémí náà jáde, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè tuntun. Nínú ìṣẹ́jú 2 ìgbẹ̀yìn, ẹ fi ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ wo àlàfo tó ṣófo àti sípẹ́lì, kí ẹ wá gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì pátápátá ní ìdajì ìṣẹ́jú tó kù. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣe èémí mẹ́ta yẹn. Bí ẹ ṣe wọ ìwé kíkà ṣe pàtàkì ju ìdáhùn kan tí ẹ tún ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kẹta lọ.

Ní ti ìtọ̀, wọn ò ní kí ẹ má lọ. Ẹ nawọ́ sókè, alábòójútó á wá, ẹ ó lọ. Aago ni kò ní dúró. Ẹ ó dìde jẹ́jẹ́, ẹ ó rìn lọ, ẹ ó fọwọ́, wọ́n sì lè tún yẹ̀ yín wò kí ẹ tó wọlé. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti lọ nìyẹn, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí àyọkà kan bá ní ogún ìṣẹ́jú, ìdá kan nínú mẹ́rin àyọkà lẹ fi tọ̀. Àmọ́ n kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dì í mọ́ra. Ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n á ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé e, bó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ó ti pàdánù ju márùn-ún lọ láìdìde. Ìbéèrè tó yẹ ni ìgbà tí ó yẹ kí ẹ lọ. Tí ẹ bá lè dúró, ẹ dúró de ọ̀kan nínú àyè méjì. Àkọ́kọ́ ni òpin ìwé kíkà, nígbà tí ẹ bá ti fi nǹkan sí gbogbo àlàfo tí ìṣẹ́jú mélòó kan sì kù. Ìṣẹ́jú yíyẹ̀wò nìkan lẹ ná. Èkejì ni inú ìwé kíkọ, mo sì fẹ́ràn èyí jù. Ẹ kọ́kọ́ ka ìbéèrè àròkọ kejì dáadáa, kí ẹ tó nawọ́. Bí ẹ ṣe ń rìn lọ, ẹ ó máa ronú èrò méjì tí ẹ máa gbé kalẹ̀ àti àpẹẹrẹ wọn, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún yẹn lẹ ì bá ti fi jókòó ronú tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè àròkọ ṣeé gbé rìn nínú orí, àyọkà ìwé kíkà kò ṣeé gbé.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ó má tilẹ̀ gbọ̀n yín. Ẹ̀rù fúnra rẹ̀ máa ń fa ìtọ̀, yàrá tútù máa ń fà á, kọfí àti tíì náà ń fà á. Àwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé ìdúró: láti ìgbà tí wọ́n bá ti yẹ ìwé ìdánimọ̀ yín wò, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n fi yín jókòó, títí ohùn àkọ́kọ́ fi máa jáde, ó lè pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ fi ìyẹn kún wákàtí méjì ààbọ̀ ìdánwò, kí ẹ wá fi ṣírò ìgbà tí ẹ máa mu omi púpọ̀ kẹ́yìn. Ẹ lọ tọ̀ kó tó di pé wọ́n pè yín wọlé, kódà bí kò bá gbọ̀n yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òùngbẹ pa ara yín láti àná. Ẹnu gbígbẹ àti orí fífọ́ kì í jẹ́ kéèyàn kàwé. Wọ́n máa ń gba ìgò omi tó mọ́ gaara tí kò ní lébẹ̀ẹ̀lì, ẹ máa tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní àìsàn tó ń mú un tọ̀ léraléra, tàbí aboyún, tàbí ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, kó kọ̀wé sí ibùdó ìdánwò ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú, pẹ̀lú ìwé dókítà níbi tó bá yẹ, kó bèèrè ètò àkànṣe. Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó ti pẹ́ jù.

Wàyí o, aago ìwé kíkà. Iye ìṣẹ́jú tó kù ni aago ojú kọ̀ǹpútà ń fi hàn, kì í ṣe iye tó ti lọ. Ọ̀pọ̀ ló sì máa ń fi ìṣirò tó yẹ kó rọrùn yìí da ara wọn láàmú láàárín ìdánwò. Wọ́n á fún yín ní bébà àti pẹ́ńsù. Bí ìwé kíkà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta sórí bébà yẹn: 43, 23, 3. Tí ẹ bá parí àyọkà kìíní, 43 ló yẹ kó kù. Tí ẹ bá parí èkejì, 23. Tí ẹ bá parí ẹ̀kẹta, 3. Mo fún ti àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú 17 nítorí pé àwọn àyọkà máa ń le sí i bí ẹ ṣe ń lọ. Ibi mẹ́ta yẹn nìkan ni kí ẹ ti wo aago. Ẹni tó ń wò ó ní gbogbo ìgbà kì í mọ nǹkan tuntun kan, àyà rẹ̀ ló ń já lọ́tun lọ́tun. Ẹ sì mọ̀ ṣáájú pé nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 10 àti ìṣẹ́jú 5, aago yẹn á máa ṣẹ́jú sí yín. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó rò pé kọ̀ǹpútà ti fẹ́ kú.

Àárín àyọkà sí àyọkà ni kí ẹ ti ra ìsinmi yín. Ẹ gbójú kúrò lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo ògiri tó jìnnà jù nínú yàrá náà, ẹ ṣẹ́jú léraléra, nítorí a kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ bí a bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ìyẹn ló ń mú ojú gbẹ tó sì ń ta. Ẹ jẹ́ kí èjìká yín já wálẹ̀. Ẹ tú èémí jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ogún ìṣẹ́jú àáyá ni, ẹ̀ẹ̀mejì nínú wákàtí kan, kò tó ìṣẹ́jú kan lápapọ̀. (Ẹ má wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín o, ògiri ni mo ní kí ẹ wò. Alábòójútó kò mọ̀ pé ìsinmi lẹ ń ṣe.)

Ká ní ẹ parí àyọkà kìíní, ẹ wo aago, ẹ bá 38 dípò 43. Ìbéèrè méjì kan, irú èyí tó ní kí ẹ sọ bóyá òótọ́ ni, irọ́ ni, tàbí àyọkà kò sọ ọ́, ló dá yín dúró. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á fẹ́ gba ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn padà lórí àyọkà kejì, á wá máa fi ojú sáré ka nǹkan tí kò wọ orí rẹ̀, á sì tún padà kà á. Gbèsè márùn-ún á di mẹ́jọ. Ẹ má gbìyànjú láti san án. Ẹ tún un pín ni: 38 tó kù yẹn, 18 fún èkejì, 18 fún ẹ̀kẹta, 2 fún ìgbẹ̀yìn. Ẹ pa 23 rẹ́ lórí bébà, ẹ kọ 20 sí i. Ẹ pa 3 rẹ́, ẹ kọ 2. Ìbéèrè méjì tó dá yín dúró, ẹ mú ìdáhùn kan sí i, ẹ sàmì sí i láti padà wò ó, ẹ máa lọ. Ìṣẹ́jú méjì ni àyọkà kọ̀ọ̀kan pàdánù báyìí, kò sì sí èyí tó kú. Ogún ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ńkọ́? Ẹ má ṣe yọ ọ́. Ìgbà tí ẹ bá pẹ́ gan-an lẹ nílò rẹ̀ jù.

Ìwé kíkọ kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ fi ogún ìṣẹ́jú ṣe ti àkọ́kọ́, ogójì fún èkejì, nítorí máàkì èkejì jẹ́ ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí èkejì, kò sì burú. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ni mo máa ń gbà nímọ̀ràn pé kó fi àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó máa kọ ti wà níwájú rẹ̀, kò ní jókòó máa wá èrò. Kí ó ṣáà fi í sílẹ̀ bó bá ti ku 40, ì báà má tíì parí.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò bèèrè. Nígbà tí mo ṣe ìdánwò tèmi, hẹ́dìfóònù mi ń gbé ohùn jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n fún wa láyè láti dán ohùn wò kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ ọ pé kò pé, ojú tì mí láti nawọ́ nítorí gbogbo yàrá ti dákẹ́ rọ́rọ́. Mo fi etí kan ṣe odindi ìfetísílẹ̀, mo sì ń bínú sí ara mi títí dé inú ìwé kíkà. Tí nǹkan kan bá ṣe kọ̀ǹpútà tàbí hẹ́dìfóònù yín, ẹ nawọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹjọ́ tí ẹ bá rò lẹ́yìn ìdánwò kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó èyí tí alábòójútó fi ojú ara rẹ̀ rí.

Gbogbo èyí ní ibi tó mọ. Ẹni tí ẹ̀rù ìdánwò ń mú bì, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń kú, kó lọ rí dókítà ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Kíka ení èjì kò ní tó o. Kó má sì jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ló máa kọ́kọ́ gbé oògùn amáratuni kankan mì, nítorí kò mọ̀ bóyá ó máa kùn ún lóorun. Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá aago ni ọ̀tá yín lóòótọ́. Ẹ mú ìwé kíkà àṣedánwò kan tí ẹ kò tíì rí rí, ẹ ṣe é nílé láìwo aago, kó gba iye tó bá fẹ́ gbà. Ẹ tún ṣe òmíràn láàárín 60 géérégé. Tí ẹ bá gba 31 láìsí aago tí ẹ sì gba 24 pẹ̀lú aago, ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ látòkè ló kàn yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ 25 àti 24, aago kò mọ nǹkan kan níbẹ̀, èdè ló kù tí ẹ máa lọ kà sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe odindi àṣedánwò náà ní ìjókòó kan, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, ní agogo tí ìdánwò yín gan-an máa bẹ̀rẹ̀, láìdìde. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó kù sílẹ̀ nígbà tí ara bá kọ́kọ́ bèèrè ohun kan, bóyá omi, ìtọ̀, tàbí ojú tó ń ta. Tó bá bọ́ sí ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa ra ìsinmi yín.

Tó bá sì jẹ́ pé àwọn apá yòókù dára nínú èsì yín tó jẹ́ pé ìwé kíkà nìkan ló fà yín sẹ́yìn, ẹ wò ó bóyá ibùdó tí ẹ ti ṣe é ní ètò tí wọ́n ń pè ní One Skill Retake. Apá kan ṣoṣo lẹ máa tún ṣe níbẹ̀, láàárín 60 ọjọ́ sí ọjọ́ tí ẹ ṣe ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá sì ṣe é lórí kọ̀ǹpútà ló wà fún. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ̀wé bèèrè lọ́wọ́ ilé ìwé tàbí iléeṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi èsì náà ránṣẹ́ sí bóyá wọ́n ń gbà á, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà á.